Ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, síbẹ̀ kò gbà á: ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí lórí àìdọ́gba

Àǹtí Máàkà

Mò ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò, ni mo bá kan ìwé kan tó mú mi gbé bíró sílẹ̀. Ìbéèrè náà rèé:

3 − 2(x − 4) ≥ 5x − 10

Ohun tí ọmọbìnrin yìí kọ ni x ≤ 5/7. Ìdáhùn tó tọ̀nà ni x ≤ 3. Èyí tó ṣì yẹn kọ́ ló yà mí lẹ́nu, ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó fi 0 sípò x, apá òsì jẹ́ 11, apá ọ̀tún jẹ́ −10, 11 sì ju −10 lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà kò parọ́.

Inú àkámọ́ ló ti ṣìnà. Ó sọ −2(x − 4) di −2x − 8. Ó yẹ kó jẹ́ −2x + 8, nítorí bí −2 bá bá −4 pàdé nínú ìsọdipúpọ̀, +8 ni wọ́n máa bí. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún ṣe àṣìṣe kankan: −5 − 2x ≥ 5x − 10, ó di 5 ≥ 7x, ó di x ≤ 5/7. Àmọ́ 0 wà nínú x ≤ 5/7, ó sì tún wà nínú x ≤ 3. Nọ́mbà tó wà nínú ìdáhùn méjèèjì kò lè sọ fún wa èwo ni ojúlówó.

Ká ní 1 ló mú ni! Ìdáhùn tirẹ̀ sọ pé 1 kò gbọdọ̀ wọlé, torí pé ó ju 5/7 lọ. Ẹ wá fi 1 sínú ìbéèrè: 3 − 2(−3) jẹ́ 9, 5 − 10 jẹ́ −5, 9 sì ju −5 lọ. Ẹni tó yẹ kó wà níta ti wọlé nìyẹn, kò sì sí bí kò ṣe ní fura.

Nọ́mbà mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n mú kí wọ́n tó gbé ìwé wá: ààlà fúnra rẹ̀, èyí tó gbọ́dọ̀ mú apá méjèèjì dọ́gba, ọ̀kan nínú ìdáhùn, ọ̀kan níta. Kí àwọn méjì ìkẹyìn sì sún mọ́ ààlà, torí ká ní ọmọ yìí fi 10 dán ìta wò, −9 ni ì bá rí lápá òsì àti 40 lápá ọ̀tún, kò bá a mu, inú rẹ̀ ì bá sì dùn lásán. 10 wà níta ìdáhùn méjèèjì.

Kí lẹ̀yin ti bá pàdé?

Kò Sí Wàhálà

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ààlà nìkan ni èmi máa ń wò, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Bí ọmọ yẹn bá fi 5/7 sínú ìbéèrè, 67/7 ló máa rí lápá òsì, −45/7 lápá ọ̀tún. Wọn ò dọ́gba, ó parí. Kí la tún ń wá?

Ẹ̀gbọ́n Òǹkà

Àbúrò, ohun tó o sọ bá ti ọmọ yẹn mu, nítorí pé ibi tí ààlà wà ló ṣì. Àbúrò mi tí mò ń kọ́ nílé, ààlà tirẹ̀ tọ̀nà, ojú tó kọ ọ́ sí ló burú. Wo èyí:

5 − 2x < 11

Ó mú 5 kúrò, ó ku −2x < 6. Ó fi −2 pín in, kò yí àmì padà, ó kọ x < −3. Fi −3 dán an wò bí o ṣe ń ṣe: 5 + 6 jẹ́ 11, apá méjèèjì dọ́gba pátápátá. Ìwọ á ní ó gbà á. Àmọ́ mú −4 tó wà nínú ìdáhùn rẹ̀: 5 + 8 jẹ́ 13, 13 kò sì kéré sí 11. Òdìkejì rẹ̀, x > −3, ni ìdáhùn.

Ààlà ń sọ ibi tí ìlà náà ti pín. Kò mọ apá wo ni kó lọ. Ọmọ yìí sì ti mọ̀ pé tí a bá fi nọ́mbà òdì pín, àmì ń yí. Ó lè kà á fún ọ lórí. Ìgbà tó ń pín ni kò rántí, torí ọkàn rẹ̀ wà lórí 6 tó fẹ́ fi 2 pín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ìrántí gbọ́. Nọ́mbà ni mo ní kó máa bi.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọmọ tèmi gba ìdáhùn yẹn gan-an, x > −3, wọ́n ṣì yọ máàkì. Lórí ìlà nọ́mbà tó yà, ó kun róbótó orí −3 dúdú. Ṣé ìyẹn náà wà lára àṣìṣe àmì tí ẹ ń sọ?

Àǹtí Máàkà

Ìyá wa, kì í ṣe òun ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ààlà yẹn náà ló máa mú un. Tó bá fi −3 sínú 5 − 2x < 11, ó máa kan 11 < 11. Ṣé 11 kéré sí 11? Rárá. −3 kò wọlé nìyẹn, kí róbótó rẹ̀ ṣófo. Ká ní ≤ ló wà nínú ìbéèrè ni, −3 á wọlé, á sì kùn ún. Ẹ kàn ní kó ka ìlà tó kọ yẹn jáde létí ara rẹ̀.

Ọdún Kìíní

Èmi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àmì yíyí wáyé rárá. Ibi tí x kò ti ní jẹ́ òdì ni mo máa ń kó o sí. Pẹ̀lú ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n, màá gbé −2x lọ sápá ọ̀tún, màá gbé 11 wá sápá òsì: 5 − 11 < 2x, −6 < 2x, −3 < x. Kò sí òdì tí mo fi pín.

Mo kọ́ ọ̀rẹ́ mi kan bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é dáadáa títí dé −3 < x, ló bá tún un kọ kí x lè wà níwájú, ó kọ x < −3. Àmì tó wà láàárín ló dà kọ láìwo ẹni tó kọjú sí. Fífi 0 dán an wò ló tú u fó: 0 wọ inú ìbéèrè, 5 < 11, ìdáhùn rẹ̀ sì ń sọ pé 0 kò wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Òǹkà

Ó dáa, ṣùgbọ́n ojú ibòmíràn lo gbé ewu náà lọ, o ò pa á. Èmi ò ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fi sílẹ̀ o.

Bọ̀ọ̀dá Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ohun tí mo máa ń rí jù lọ kọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi nọ́mbà dán iṣẹ́ wò, ìlà kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n ń fi í sí, torí ó rọrùn, kò ní àkámọ́. Ẹ padà sí iṣẹ́ ọmọbìnrin Àǹtí. Ìlà tó kọ lẹ́yìn àkámọ́ ni −5 − 2x ≥ 5x − 10. Ẹ fi 5/7 síbẹ̀: −45/7 lápá òsì, −45/7 lápá ọ̀tún. Ẹ fi 0: −5 ju −10 lọ, ó wọlé. Ẹ fi 1: −7 kò tó −5, kò wọlé. Gbogbo nọ́mbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbè é lẹ́yìn, àṣìṣe sì wà níbẹ̀! Ìlà yẹn ni àṣìṣe ti bí, kò lè jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, mo ti bá ọmọ kan jà lórí èyí, ó ní òun ti ṣe ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kọ́ òun. Ó ṣe é lóòótọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ní kí wọ́n da ìbéèrè kọ látinú ìwé ìbéèrè sísàlẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n sì fi nọ́mbà síbẹ̀, àkámọ́ àti gbogbo rẹ̀. Ìyẹn tún máa ń mú àwọn tó da ìbéèrè kọ ní àṣìṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò Sí Wàhálà

Mo gbọ́, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún béèrè. Tí mo bá fi ààlà dán ìbéèrè wò, tí ó dọ́gba, mo mọ ibi tí ó pín. Tí mo tún mú ẹyọ kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ inú tàbí ìta, mo mọ apá tó lọ. Méjì ti tó. Kí ni ìkẹta ń ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Òǹkà

Fún irú èyí tí x kò ní agbára kankan lórí, tí kò sì sí nísàlẹ̀ ìdá, òótọ́ lo sọ. Méjì tó. Ìkẹta wà fún ìgbà tí ọwọ́ bá ṣì nínú ìdánwò náà fúnra rẹ̀.

Àǹtí Máàkà

Èmi kò ní yọ ọ́ kúrò fún àwọn ọmọ mi. Ìṣirò òdì ló ń ṣe wọ́n, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n máa ń ṣì nígbà tí wọ́n bá ń fi −4 sípò x. Wọ́n á kọ 5 − 2 × −4, wọ́n á wá sọ pé −3 ni. Kí wọ́n fi àkámọ́ yí −4 ká.

Bọ̀ọ̀dá Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Kí ẹ tó gbà pé mẹ́ta yẹn ń mú ohun gbogbo, ẹ wo èyí:

6/x < 2

Akẹ́kọ̀ọ́ fi x sọ apá méjèèjì di púpọ̀: 6 < 2x, x > 3. Ààlà: 6/3 jẹ́ 2, ó dọ́gba. Inú: 4 fún wa ní 1.5, ó kéré sí 2. Ìta: 2 fún wa ní 3, kò kéré sí 2. Nínú ìbéèrè gan-an la fi gbogbo rẹ̀ sí, ó sì gbà á. Ẹ wá mú −1: −6 kéré sí 2. −1 wọlé, ìdáhùn sì lé e síta. Ìdáhùn pípé ni x < 0 tàbí x > 3.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó fi x sọ ọ́ di púpọ̀ láìmọ̀ bóyá x jẹ́ òdì. Tó bá jẹ́ òdì, ó yẹ kí àmì yí. Níbi tí x bá ti wà nísàlẹ̀, fi 0 sórí ìlà nọ́mbà pẹ̀lú 3, kí o mú nọ́mbà kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù: −1, 1, 4. Bẹ́ẹ̀ náà ni x² > 9, tí wọ́n máa ń kọ x > 3 fún, tí −5 á sì dúró síta láìṣẹ̀.

Ọdún Kìíní

Bọ̀ọ̀dá, nínú gbọ̀ngán ìdánwò ńkọ́? Àyè mẹ́ta, ààlà, àkámọ́, àdàkọ ìbéèrè. Ìbéèrè tó kù ń dúró.

Bọ̀ọ̀dá Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Tí àyè bá há, mú 0 àti 1 nìkan, fi wọ́n sínú ìbéèrè lórí, kí o wò ó bóyá ohun tí ìdáhùn rẹ sọ nípa wọn bá a mu. Kò ní ju ìlà méjì lọ.

Àǹtí Máàkà

0 ló tan ọmọ mi jẹ o, Bọ̀ọ̀dá.

Bọ̀ọ̀dá Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

1 ló sì máa mú un. Ṣùgbọ́n mo gbà pé tí ìdáhùn bá jẹ́ x ≤ 40, àti 0 àti 1 kò ní rí nǹkan kan sọ. Ibẹ̀ ni kí ó mú 41.