"Ọkọ́ wa, agbára wa": ṣé a lè yọ àmì rẹ̀?

Obìnrin àgbẹ̀ kan, Iléṣà: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ àwa obìnrin àgbẹ̀ fẹ́ tẹ ỌKỌ́ WA, AGBÁRA WA sára ẹ̀wù ẹgbẹ́. Atẹ̀wé ní ká yọ àmì kúrò, pé kì í jẹ́ kí ẹ̀wù dùn-ún wò. Ṣé kò léwu?

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀: Ó léwu, ọmọ mi. Ohùn àárín la kì í fi àmì sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ àmì orí rẹ̀ kò dákẹ́, ó ti ń sọ nǹkan mìíràn. ỌKỌ WA ti di ọkọ tó fẹ́ yín, gbogbo ẹgbẹ́, ọkọ kan ṣoṣo. Ẹ̀rín nìyẹn. Èyí tó ń já mi láyà ni kí àmì orí kù, kí ti ìsàlẹ̀ sọnù: OKÓ WA. N kò ní túmọ̀ ìyẹn níbi tí ọmọdé ti ń kàwé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ifẹ̀: Bàbá, lẹ́tà ńlá ló fà á. Ẹ fi lẹ́tà kékeré tẹ̀ ẹ́, ó tán.

Olùkọ́: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí àmì orí lẹ́tà ńlá máa ń kan ìlà tó wà lókè, wọ́n á sì gé e. Ṣùgbọ́n inú fọ́ǹtì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà Ó dá dúró, nọ́ńbà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ni U+00D3, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ló sì ní in. Ọ náà dá dúró, U+1ECC. Ọ́ kò dá dúró. Ńṣe la so àmì orí, U+0301, mọ́ Ọ. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ ìsopọ̀ yẹn, àmì á ṣí kúrò lórí lẹ́tà, tàbí kí atẹ̀wé fi Ó rọ́pò rẹ̀ kó lè yá. Lẹ́tà kékeré kò yọ ọ́ nínú ìyẹn.

Ìyá ẹlẹ́kọ, Ifẹ̀: Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí o. Àwọn kan gbé pátákó ẸKỌ ỌFẸ kọ́ sítòsí ìsọ̀ mi. Ẹ̀kọ́ ìwé ni wọ́n ní lọ́kàn. Oníbàárà mi méjì gbé abọ́ lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó padà wá bá mi.

Olùkọ́: Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ yọ gbogbo àmì, ti orí àti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ fún ẹni tí kò sí ní ìpàdé yín. Ẹ má bi í bóyá ó yé e; ẹ ní kó kà á sókè. OKO WA á di oko tàbí ọkọ. Ṣùgbọ́n OKO ATI ADA WA? Àdá á fa ọkọ́ jáde, bí àmì tilẹ̀ bọ́. Kí ẹ sì gba ẹ̀wù kan wò kí atẹ̀wé tó tẹ ìyókù.

Obìnrin àgbẹ̀: Mo ti dán an wò, sà. Ọmọ aládùúgbò ka ti àkọ́kọ́ ní "ọkọ wa", ó sì ka ti àdá bó ṣe yẹ. Àwọn ìyá wa ni kò gbà. Wọ́n ní àdá kì í ṣe irinṣẹ́ àwọn, pé ọkọ́ làwọn fi ń ro ẹ̀gẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin: Ẹ kúkú ya àwòrán ọkọ́ sí i.

Olùkọ́: Ìyẹn náà dáa. Àmọ́ tí wọ́n bá ń pè é lórí rédíò ńkọ́?