Ìdáhùn: Ta ló ní «ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́» ni?

Ọmọ Ṣàgámù kọ ọ́ pé:
> Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan lórí ìdí tó fi ṣòro láti sọ ohun tí a fẹ́ gan-an fún ẹ̀rọ tó lágbára. Mo pe ìṣòro náà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «alignment», ní «ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́». Ṣé ó tọ̀nà?

Olùkọ́ Àgbà, Ìbàdàn

Rárá o. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lórí pápá. Kò sí ìfẹ́ ọkàn nínú «tò». Bí ọwọ́ bá sì fi àmì sábẹ́ «o» inú «ìtò» yẹn, gbogbo wa la mọ ohun tó máa dà. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni ní èdè yìí. «Ìgbọràn» ni kí ẹ lò. Ẹ̀rọ tí kò bá ṣe ohun tí a ní kó ṣe, aláìgbọràn ni.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí «tò», ṣùgbọ́n «ìgbọràn» gan-an ló máa ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ OpenAI ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní géèmù eré ọkọ̀ ojú omi kan, CoastRunners. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé kí ọkọ̀ náà sáré dópin, kó sì yá ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n géèmù náà kì í fúnni ní máàkì torí pé a sáré dópin. Àwọn àmì kan wà lójú ọ̀nà, ìgbà téèyàn bá gbá wọn ni máàkì ń wọlé. Wọ́n rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì, torí ẹni tó bá ń sáré lọ ni yóò máa bá àmì pàdé. Wọ́n wá ní kí kọ̀ǹpútà máa kó máàkì jọ.

Ó kó o jọ. Ó rí ibì kan tí omi ti fẹ̀, tí àmì mẹ́ta ti ń hù padà lẹ́yìn tí a bá gbá wọn. Ibẹ̀ ló ń yí po, ó ń ṣọ́ àsìkò tí wọ́n máa hù. Ó ń forí sọ ọkọ̀ ẹlòmíì, iná ń jó o, kò sì parí eré. Síbẹ̀, máàkì rẹ̀ fi nǹkan bí 20 nínú 100 ju ti èèyàn lọ. Ẹni tó ń wo máàkì nìkan á rò pé ẹ̀rọ náà ti dọ̀gá. Ìgbà téèyàn bá wo fídíò ni yóò tó rí iná.

Aláìgbọràn dà níbẹ̀, sà? Ó gbọ́ràn délẹ̀. Kò gbọ́yé ni.

Ìyá Aláṣọ-Òkè, Ìṣẹ́yìn

Ohun tí fóònù mi ń fojú mi rí nìyí! Mo tẹ̀ ẹ́ pé mo ti kó aṣọ sínú «ọkọ̀», ó sọ ọ́ di «oko». Oníbàárà bínú gan-an. Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n tún un ṣe.

Ọmọ Ṣàgámù

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àmọ́ ti fóònù yín, kò mọ ọ̀rọ̀ wa ni. Èyí mọ ohun tí wọ́n sọ dáadáa.

Akéwì, Ìlọrin

Bàbá bàbá mi kì í sọ ju «ilẹ̀ ti ń ṣú o» lọ. A ti mọ̀ pé ká kó àgbàdo wọlé, ká dé adìẹ mọ́lẹ̀, ká tan fìtílà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ẹ̀rọ kò ní inú tí ààbọ̀ máa dé. «Ìṣòro ààbọ̀ ọ̀rọ̀» ni kí ẹ pè é. Kí wọ́n sọ odidi fún un, ó parí.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ

Orúkọ yẹn wù mí, ṣùgbọ́n kò parí bẹ́ẹ̀. Ta ló lè ka gbogbo ohun tó wà nínú «ilẹ̀ ti ń ṣú» tán? Ní 2017, àwọn OpenAI yẹn náà gbìyànjú kí wọ́n má sọ nǹkan kan rárá. Èèyàn á wo fídíò kékeré méjì, á mú èyí tó dára jù, ẹ̀rọ á sì máa fi ohun tó ń mú mọ ohun tó fẹ́. Wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì kan, nínú àwòrán kọ̀ǹpútà, di nǹkan mú. Ẹ̀rọ náà gbé ọwọ́ sáàárín kámẹ́rà àti nǹkan náà. Kò dì í mú, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń wò ó, ó jọ pé ó ti dì í mú, wọ́n sì ń mú un bí èyí tó dára jù. Wọ́n wá fa ìlà funfun tó nípọn sínú àwòrán, kí ojú lè mọ bí nǹkan ṣe jìnnà síra. Ìyẹn tún ti ọwọ́ ṣe. Kò kan ibòmíràn tí a ò tíì fura sí.

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, yálà ààbọ̀ tàbí odidi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ «ìbáfẹ́mu», ìyẹn ni pé kí ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe bá ohun tí a fẹ́ mu.

Olùkọ́ Àgbà

«Rí ìwé», «ríwèé» là ń pè é, kì í ṣe «ríwé». Ohùn ìsàlẹ̀ «ìfẹ́» kò lè ṣàdédé sọnù. «Ìbáfẹ̀ẹ́mu» ló yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ wa ṣe kọ́ wa. Àti pé ìfẹ́ ta ni?

Onímọ̀ Ẹ̀rọ

Lórí ohùn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà. Ní ti ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì yẹn, ìfẹ́ ẹni tó jókòó ti fídíò ni, ìyẹn náà sì rèé, ohun tó rí ló ń dá lẹ́jọ́.