Ìgbà wo ni "would have" máa ń di "would" nínú gbólóhùn "if"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò mi ń múra ìdánwò Wáẹ̀kì, èmi ni mo ń kọ́ ọ ní gbólóhùn "if". Oríṣi òdo, "If you heat ice, it melts", kò yọ wá lẹ́nu. Ìkíní, "If it rains, we will stay", àti ìkejì, "If I had money, I would buy a car", ti yé e. Ó mọ̀ pé "had" tibí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ìkẹta, "If he had read, he would have passed", náà ò le. Àdàpọ̀ ni wàhálà wa.

Mo ní kó fi "be" dí àlàfo yìí: "If Bola had slept early, she ___ tired now." Ó kọ "would not have been". Mo ní "would not be" ni, torí àná ni àìsùn, àárẹ̀ ni tòní.

Èyí tó wá rú mi lójú ni ìdàkejì rẹ̀: "If Tunde were not afraid of dogs, he would have entered." Lójú tèmi ó tọ̀nà, torí Túndé ṣì ń bẹ̀rù ajá dòní. Ṣùgbọ́n "had not been" ló wà nínú ìwé ìdáhùn wa. Ṣé méjèèjì ló tọ̀nà, àbí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀? Tí kò bá sì sí "now" níbẹ̀, kí ni ọmọ máa wò kó tó mọ̀ pé àdàpọ̀ ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi gbólóhùn méjì-mẹ́ta sí i, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.