Gbólóhùn wo ni kí n kọ tí kò ní já awakọ̀ láyà?

Ọmọ Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta adójútòfò ti ẹnìkẹta fún ọkọ̀ àdáni, ₦15,000 lọ́dún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo kan n'Íbàdàn. Mo kọ "Jàǹbá ò mọ ọjọ́" sára báńà. Àwọn èèyàn á kà á, wọ́n á ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", wọ́n á sì kọjá lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Kọ "Àlọ ire, àbọ̀ ire". Ta ni kò ní ṣàmín? Tàbí "Bó bá bàjẹ́, a ó tún un ṣe".

Adéọtí: Mà, àdúrà yẹn dùn, àmọ́ bí oníbàárà bá kọlu nǹkan lọ́la, á ní ẹ ti sọ pé ire lòun máa bọ̀. Èkejì ló léwu jù. Adójútòfò ti ẹnìkẹta kì í tún ọkọ̀ ẹni tó rà á ṣe. Ọkọ̀ ẹni tó kọlù ló ń bá a tún ṣe, kò sì kọjá mílíọ̀nù 3 náírà.

Ọmọ Bódìjà, wo ohun tó ń já awakọ̀ láyà gan-an. O gbá bọ́ńpà jíìpù, ẹni tó ni ín bọ́ sílẹ̀, èrò pé jọ, ìwọ ń ro ibi tí owó ti máa wá. Ibẹ̀ ni kí gbólóhùn rẹ ti bá a. Èmi á kọ "Ẹ ò ní dá a gbé". Òótọ́ ni, torí owó gbogbo àwọn tó ń san án ló ń bá a gbé e, kò sì ṣèlérí pé nǹkan ò ní ṣẹlẹ̀.

Dáúdù Mọ̀kọ́lá: Èmi gbá iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹnì kan lọ́dún tó kọjá. Mo yọ ìwé adójútòfò mi, ọ̀gá náà tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ mi sórí askniid.org, ìkànnì tí wọ́n fi ń yẹ adójútòfò ọkọ̀ wò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi! ₦75,000 ni mo san látinú àpò mi. Kì í ṣe gbólóhùn dídùn ni mo ń wá mọ́.

Adéọtí: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ Bódìjà, kọ ọ́ sísàlẹ̀ báńà náà pé kí wọ́n yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wọn wò lórí askniid.org kí wọ́n tó kúrò níwájú rẹ. Ìyẹn gan-an ló ń fini lọ́kàn balẹ̀.

Tíṣà Yorùbá: Kí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ fi àmì sí i o. Mo ti rí báńà tí "ọkọ̀ yín" ti di "ọkọ yín". Ṣùgbọ́n kí la ò ní dá gbé? Ẹni tó ń sáré kọjá ò ní mọ̀. Ẹ fi "Bẹ́ ẹ bá gbá ọkọ̀ ẹlòmíì" ṣáájú.

Adéọtí: Tíṣà, jàǹbá náà lẹ tún gbé síwájú yẹn.

Tíṣà Yorùbá: Gbígbá bọ́ńpà kì í ṣe jàǹbá tí wọ́n á torí ẹ̀ ké "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́".

Ọmọ Bódìjà: Ẹ ṣé gan-an. Màá tẹ méjèèjì. Ti Adéọtí á wà níta lọ́sẹ̀ yìí, ti Tíṣà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sì ka iye ẹni tó bá yà wá béèrè.