Ẹ̀jẹ́, gbèdéke àti ohun tí a kò kà mọ́ ọn

Ìbéèrè, láti Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo máa ń túmọ̀ lẹ́tà ilé-iṣẹ́ adójútòfò fún àwọn tó ń ta ẹja tútù níbí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń dà mí láàmú: wáràntì, kọ́ńdíṣọ̀n àti ẹkisikilúṣọ̀n. Ṣé n kò lè pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní “àdéhùn”?

Àbúrò mi, jọ̀wọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ohun tó ṣe fún ìyá kan tó ń ta ẹja lẹ́bàá ọ̀sà níbẹ̀, ní ọdún 2021. Fíríísà ńlá kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbóná sódì, wáyà inú rẹ̀ gbiná, iná sì ràn mọ́ fíríísà kejì àti òrùlé. Lẹ́tà dé pé wọn kò ní san owó ẹ̀rọ tí iná mànàmáná inú ara rẹ̀ bá jó. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un kọ ọ́ pé, “Ẹ ti yẹ àdéhùn.” Ìyá bú sẹ́kún. Ó rò pé òun dẹ́ṣẹ̀, ó sì fi gbogbo ọ̀rọ̀ owó náà sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn inú lẹ́tà ilé-iṣẹ́ yẹn kì í fẹ̀sùn kan èèyàn, ààlà ló ń pa. Fíríísà tó kọ́kọ́ gbiná nìkan ló bọ́ sí ẹ̀yìn ààlà. Ìwé rẹ̀ sọ pé èyí tí iná ràn mọ́ ṣì wà nínú. Nígbà tí a jọ tún un kà, ó kọ lẹ́tà fún fíríísà kejì àti òrùlé, wọ́n sì san án nígbà tó yá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe ẹkisikilúṣọ̀n ní “ohun tí a kò kà mọ́ ọn”. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Wáràntì ló ń béèrè ìwà lọ́wọ́ ẹni. Bí ìwé bá ní kí ó máa gbé agolo apaná lọ fún sáfíìsì lọ́dọọdún, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1906 lórí ìdójútòfò ọkọ̀ òkun le lórí èyí títí wọ́n fi tún un ṣe ní ọdún 2015: láti ọjọ́ tí onítọ̀hún bá ti bà á jẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ti bọ́ lọ́rùn ẹrù, bí ohun tó bàjẹ́ kò tilẹ̀ kan apaná rárá. Nítorí náà, “ẹ̀jẹ́” ni mo pè é.

Èsì, láti Àgbádárìgì: Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ẹni tó ń tajà ló ń fúnni ní wáràntì? Wọ́n fún mi ní ti ọdún kan lórí jẹnẹrétọ̀ mi, ó kọ̀ṣẹ́ ní oṣù kẹrin, wọn kò dá mi lóhùn.

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ti jẹnẹrétọ̀ yín, ẹni tó tà á ló ṣèlérí fún yín. Nínú ìwé adójútòfò, ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó lẹ ń ṣèlérí. Bí a bá fi “wáràntì” sílẹ̀ láìtúmọ̀, ìyá oníṣòwò á rò pé ilé-iṣẹ́ ló jẹ òun ní nǹkan.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ lọ́yà kan ní Ìkòròdú: “Ẹ̀jẹ́” ti le jù, ẹ̀gbọ́n. Abala 55 òfin adójútòfò wa ti ọdún 2003 ní, yálà wáràntì ni wọ́n pè é ni o, kọ́ńdíṣọ̀n ni o, ilé-iṣẹ́ kò lè dì í mú bí kò bá kan ewu tàbí àdánù tí wọ́n ṣe ìdójútòfò lé lórí. Òfin ọdún 2025 ti rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ti 2003 ló wà lórí àga nígbà tí iná ìyá yẹn jó. Ẹni tó bá gbọ́ “ẹ̀jẹ́” á ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kó tó rí lọ́yà.

Òótọ́ lẹ sọ nípa òfin, mo sì gbà á. Síbẹ̀, kí oníṣòwò mọ̀ pé wọ́n ń sọ pé òun kò mú ọ̀rọ̀ òun ṣẹ, kó lè mú rìsíìtì sáfíìsì jáde. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń sọ ọ́ kedere tó bẹ́ẹ̀.

Kọ́ńdíṣọ̀n ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. “Gbèdéke” bá a mu bí ìwé bá ní kí a fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tó bá pẹ́ lè pàdánù owó ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ṣì wà láàyè fún iná mìíràn. Bí ó bá wá jẹ́ pé kí a tọ́jú ohun tó jóná kí aṣojú wọn wá wò ó ńkọ́? Gbèdéke kò wọlé níbẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́tà tó wà níwájú mi báyìí ní “Wáràntì” lókè, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé wọn kò ní san owó ẹja tó jẹrà nítorí pé iná mànàmáná lọ.

Kọ àkọlé wọn sílẹ̀ bí ó ti wà. Lábẹ́ rẹ̀, túmọ̀ ohun tí gbólóhùn náà ń ṣe: ohun tí a kò kà mọ́ ọn ni. Kí o sì fi ìlà kan kún un pé àkọlé àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò bára mu, kí ìyá náà lè bi wọ́n.