Ọmọ oṣù 19 wà lọ́dọ̀ màmá mi n'Íbàdàn, kò tíì rìn

Ìyá Àyọ̀ (Leeds): Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Bódìjà, à ń retí físà rẹ̀. Oṣù 19 ni, kò rìn, kò sọ̀rọ̀. Màmá ní èmi náà pẹ́ kí n tó rìn. Mo wá ka ìwé tí wọ́n fi ń wo ìdàgbàsókè ọmọ, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

Bàbá Ìbejì (Houston): Ọmọkùnrin máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Táíwò mi pé ọdún méjì kó tó pe "omi". Ẹ ní sùúrù.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Birmingham): Bàbá Ìbejì, ṣé Táíwò kì í nàka sí omi kó tó lè pè é? Ìyá Àyọ̀, ṣé oṣù rẹ̀ pé kí ẹ tó bí i? Tí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, ṣé ó ń wẹ̀yìn?

Ìyá Àyọ̀: Ó ku ọ̀sẹ̀ 8 kó pé. Jọ́ńdíìsì mú un gan-an, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kì í dáhùn orúkọ, kì í nàka, ẹkún ló fi ń tọrọ nǹkan. Àmọ́ ilẹ̀kùn tó dún gbàgà máa ń jí i. Ó ń di àga mú rìn.

Kọ́lá (Toronto): Ṣé kí n má sọ Yorùbá sí ọmọ tèmi mọ́ ni, kí èdè méjì má baà dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Rárá, Kọ́lá. Èdè méjì kì í fa èyí.

Ìyá Àyọ̀, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 8 yẹn kúrò, oṣù 17 la ó kà á sí. Nítorí ó ń di àga mú rìn, ẹ lè fi oṣù kan wo ti ẹsẹ̀. Bó bá pé oṣù 18 nínú ìṣirò yìí tí kò rìn, tàbí tó jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò, ẹ má dúró mọ́.

Ti etí kò gba ìdúró rárá. Ìwé ìdàgbàsókè ọmọ tí CDC, àjọ ìlera Amẹ́ríkà, tún ṣe ní 2022, ohun tí ó kéré tán ọmọ 75 nínú 100 ti ń ṣe ló wà níbẹ̀: wíwo ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ wà ní oṣù 9, nínàka sí ohun tó fẹ́ wà ní 15. Jọ́ńdíìsì tó le lè ba iṣan tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ jẹ́. Kí màmá gbé e lọ sí UCH, kí wọ́n sọ ti pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn, kí wọ́n sì béèrè àyẹ̀wò tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ tó ń sùn. Èyí tí wọ́n kàn ń ki nǹkan bọ etí lè ní kò sí wàhálà, nígbà tó jẹ́ iṣan ló bàjẹ́.

Ìyá Àyọ̀: Ilẹ̀kùn ńkọ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ilẹ̀ tó mì lè jí i. Ó sì lè máa gbọ́ ariwo láìgbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìyá Àyọ̀: Màmá ti pè é lẹ́yìn kọ́tìnì. Kò yíjú. Ṣé kí a dúró kó dé ọ̀dọ̀ mi?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Físà lè pẹ́. Kí wọ́n ṣe é níbẹ̀, kí ó mú èsì dání wá.

Bàbá Ìbejì: Mo ṣì ní ọmọkùnrin ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí náà wò.