Gbòǹgbò, agbo ilé, àká: kí la ó máa pe àwọn fódà Línúùsì?

Atúmọ̀-èdè, Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń túmọ̀ ẹ̀kọ́ Línúùsì kékeré kan fún àwọn ọmọ girama. Mo pe `/` ní gbòǹgbò, `/home` ní ilé, `/etc` ní àti-bẹ́ẹ̀-bẹ́ẹ̀-lọ, `/var` ní ayípadà. Ṣùgbọ́n `/root` tún wà nínú `/`. Ṣé gbòǹgbò ń hù nínú gbòǹgbò ni? Ẹ bá mi dá sí i.

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́:

Àbúrò mi, o kú akitiyan. "Gbòǹgbò" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Gbòǹgbò igi kan pọ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà, kò sì sẹ́ni tó ń ti ibẹ̀ gun igi. Ìdí igi la ti ń gùn ún, ìdí igi sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, bó ti wù kí ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ tó. "Ìdí" ni kí o pe `/`. Ní ti `/etc`, èyí tí o kọ tọ́ gẹ́lẹ́. Bí àwa ti ń kọ "abbl." náà ni àwọn Òyìnbó ń fi lẹ́tà mẹ́ta yẹn gé ọ̀rọ̀ kúrú. Má ṣe yí i padà.

Alábòójútó ẹ̀rọ, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Mo fara mọ́ "ìdí", ó sì bá bí a ṣe ń ka ọ̀nà fáìlì mu. Nínú `/home/bisi/iwe.txt`, àmì àkọ́kọ́ nìkan ni ìdí igi. Àwọn tó tẹ̀ lé e kàn ń ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

`/root` yàtọ̀. Ẹnì kan ló ń jẹ́ `root`: aṣàmúlò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0, tí kò sí ilẹ̀kùn fáìlì tí kò lè ṣí. Láyé Yúníìsì àtijọ́, ìdí igi gan-an ni ibùgbé rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n fún un ní yàrá tirẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe yàrá náà. Bí àbúrò bá pe `/root` ní yàrá alábòójútó, kò ní sí gbòǹgbò nínú gbòǹgbò mọ́.

Àwọn ọmọ á béèrè ìdí tí yàrá yẹn kò fi sí nínú `/home` pẹ̀lú tàwọn yòókù. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, `/home` wà lórí dísìkì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ igi nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí. Bí dísìkì yẹn bá kọ̀ tí kò so, kò sẹ́ni tó máa rí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa tún un ṣe gbọ́dọ̀ ríbi wọlé sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe `/home` ní ilé. Kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ gan-an. `/home/bisi` ni Bísí ń gbé, `/home/ade` ni Adé ń gbé. Agbo ilé ni `/home`.

Ní ti `/etc`, Bàbá sọ òótọ́ nípa ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀. Ohun tí wọn kò ríbi kó sí ni wọ́n ń kó síbẹ̀ nígbà náà. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà. Àdéhùn lórí ìtò fódà Línúùsì, tí ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ jáde ní 2015, sọ pé fáìlì tó ń darí bí nǹkan ṣe máa ṣiṣẹ́ ni ti `/etc`, àti pé ètò tí ẹ̀rọ lè gbé ṣiṣẹ́ tààrà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ wo ìlà kan nínú `/etc/passwd`:

```
bisi:x:1000:1000::/home/bisi:/bin/bash
```

Orúkọ ló ṣáájú. `x` ń sọ pé ọ̀rọ̀ aṣínà Bísí kò sí níbí: ó wà ní `/etc/shadow`, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn kò tó. Nọ́ńbà Bísí tẹ̀ lé e, àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà ètò tó máa gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ bó bá wọlé. Ìlà yìí ni ẹ̀rọ ń kà kó tó mọ ilé Bísí. Ibi tí irú èyí wà, "ìlànà" ni mo fẹ́ kí á pè é.

Atẹ̀wé, Abẹ́òkúta:

`/var` ló kan èmi o. Dẹ́bíánì ni mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan ó ní àyè ti tán lórí dísìkì. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé "ayípadà" ni ìtumọ̀ `/var`. Mo ní ohun tó bá ń yí padà, a ó rí òmíràn. Mo pa `/var/lib/dpkg` rẹ́. Ẹ̀rọ ṣì ń tẹ̀wé bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fi ètò tuntun sí i, ó ṣe bí ẹni pé kò sí ètò kankan lórí òun rí. Bí nǹkan yẹn bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò fi í sí `/etc`?

Alábòójútó ẹ̀rọ, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ènìyàn bá pa láṣẹ fún ẹ̀rọ ló ń wà ní `/etc`. Ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kọ sílẹ̀ bó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń wà ní `/var`. Gbogbo ètò tí ẹ bá fi sí i tàbí tí ẹ yọ ni `dpkg` ń kọ sínú ìwé rẹ̀, nítorí náà `/var` ni ipò rẹ̀. Ó ń yí padà lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn tí ẹ̀rọ lè lọ mú wá bí ẹ bá pa á rẹ́.

Nígbà tí àyè bá tán, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n:

```
sudo du -xh -d1 /var | sort -h
```

Àpapọ̀ ló máa wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn, fódà tó tóbi jù á sì wà lókè rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ kan tí mo tún ṣe, àpapọ̀ jẹ́ 14G, `/var/log` nìkan sì gba 9.1G. Ìròyìn ojoojúmọ́ ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀, a sì lè gé ti àtijọ́ kúrò. `/var/cache` náà ṣeé tú dànù, torí ẹ̀rọ lè tún wa ohun inú rẹ̀ kó.

```
sudo journalctl --vacuum-size=200M
sudo apt clean
```

`/var/lib` ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Fún tiyín, ẹ wo `/var/backups` bóyá `dpkg.status.0` ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀dà ìwé náà ni. Ó máa dá orúkọ àwọn ètò padà, àmọ́ kò ní dá gbogbo fódà yẹn padà, ẹ ó ṣì máa tún àwọn ètò náà fi sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ èdè, Ọ̀yọ́:

Mo gbà lórí `/etc`. Orúkọ tí iṣẹ́ ti bọ́ kúrò lára rẹ̀ ni mo ń dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí atẹ̀wé yìí: ọ̀rọ̀ la fi ṣì í lọ́nà. Ó gbọ́ ayípadà, ó rí ààtàn. Ẹ pe `/var` ní "àká". Lójoojúmọ́ ni a ń kó nǹkan sínú àká, ó lè kún, ènìyàn sì lè kó èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dáná sun àká nítorí pé ó kún.

Alábòójútó ẹ̀rọ, Lọ́ńdọ̀nù:

Àká dára fún `/var/lib`, Bàbá. `/var/log` ni kò jọ ọ́ lójú mi. Ìwé àkọsílẹ̀ ni ìyẹn, kì í ṣe irè oko. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kan tó gba méjèèjì ju àká lọ ṣá.

Atúmọ̀-èdè, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun gan-an. Ìdí, agbo ilé, yàrá alábòójútó, ìlànà, àká ni mo kọ síbẹ̀ báyìí, mo sì fi orúkọ tí a ń tẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ku ẹyọ kan. Ìwé tí mo ń túmọ̀ ní `cd ..` ń gbé ni lọ "sókè". Bí `/` bá jẹ́ ìdí igi, ṣé kì í ṣe ìsọ̀kalẹ̀ ni a ń ṣe? Mo kọ "padà sẹ́yìn", kò sì tíì dá mi lójú.